Ọjọ́ Tí Owó Tán Kọ́ Ni Ọjọ́ Tí À Ń Ti Ilẹ̀kùn

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, nínú ọ̀sẹ̀ ìdánwò, akọ̀wé owó ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìsọ̀kún, níbí ní Iléṣà, pè mí kí aago méje tó lù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti tì wá síta o. Àwọn tíṣà ò lè wọlé, máàkì àwọn ọmọ ò ṣeé kọ." Èmi ni mo ń bójú tó ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ máàkì àti owó ilé-ìwé sílẹ̀, ₦12,000 ni wọ́n sì ń san lóṣooṣù. Mo yẹ àkọsílẹ̀ wò. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni owó oṣù wọn pé. Ẹ̀rọ gbìyànjú láti yọ ọ́ lára káàdì bánkì wọn, kò yọ. Nígbà tó di aago méjìlá òru, ó tì wọ́n síta gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ní kó máa ṣe. Owó wà nínú àkáǹtì wọn. Káàdì ni ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ó ti ju ọdún méjì lọ tí wọ́n ti ń sanwó fún mi láìyẹ̀ oṣù kan, síbẹ̀ ẹ̀rọ mi ò bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo kó tó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Mo ṣí i padà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, mo sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi, torí kì í ṣe pé ẹ̀rọ ṣìṣe. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti fara balẹ̀ wo ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní gírésì: iye ọjọ́ tí a fi ń jẹ́ kí oníbàárà máa lo iṣẹ́ lọ lẹ́yìn tí owó rẹ̀ ti yẹ kó wọlé tí kò tíì wọlé. Èmi máa ń pè é ní ọjọ́ ìyọ̀ǹda. Ọ̀pọ̀ gbà pé ẹ̀bùn ni, àwọn mìíràn sì gbà pé ìwà ọ̀lẹ ni lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta iṣẹ́. Kò sí èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì. Ọjọ́ ìyọ̀ǹda ní owó lórí, a ó sì gba owó náà nígbà tí oníbàárà bá san.

Àwa Ìjẹ̀ṣà kì í ṣe àjèjì sí àwìn. Àwọn bàbá wa tó ń gbé aṣọ kiri ìlú onílùú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n á sì padà wá lóṣó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, àwọn la mọ̀ sí Òṣómàáló: òṣó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi. Ohun tó mú wọn lóṣó ni pé aṣọ ti kúrò lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó rà á ti rán an, ó ti wọ̀ ọ́ lọ sóde, kò sì sẹ́ni tó máa gba aṣọ wíwọ̀ padà kó tún rí i tà. Iṣẹ́ oṣooṣù yàtọ̀ pátápátá sí èyí. Ojoojúmọ́ là ń tún un tà fún oníbàárà, ibi tí mo jókòó sí ni mo sì ti lè dá a dúró. Agbára yẹn ló ń mú ká kánjú. Òṣómàáló gbọ́dọ̀ rí ojú onígbèsè rẹ̀, kó gbọ́ bóyá àìsàn ni tàbí ọjà ni kò tà. Ẹ̀rọ ò gbọ́ àlàyé. Àwọn ọjọ́ tí a bá fún oníbàárà ló dúró fún àlàyé tí ẹ̀rọ ò lè gbọ́ yẹn.

Àṣìṣe mi ni pé mo fi ọjọ́ kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Nínú ìwé mi, ọjọ́ tí owó oníbàárà tán náà ni ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ń tì. Ó yẹ kí ọjọ́ méjèèjì dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Báyìí ni mo ṣe ń kọ ọ́ báyìí fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan:

```
paid_until   = 2026-03-05
access_until = 2026-03-12
```

Ìlà kìíní sọ ọjọ́ tí owó tó san gbé e dé. Ìlà kejì sọ ọjọ́ tí a ó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ dé. Owó nìkan ló ń sún ìlà kìíní síwájú. Ìlà kejì la lè fi ọwọ́ sún tí ìdí bá wà. Bí àpẹẹrẹ, oníbàárà pè láti sọ pé òun ti fi owó ránṣẹ́ láti bánkì, wọ́n ti yọ ọ́ lọ́dọ̀ òun, àmọ́ kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi. Mo lè fi ọjọ́ mẹ́ta kún ìlà kejì láìfọwọ́ kan ìlà kìíní. Ẹni tó bá ní ọjọ́ kan péré lọ́wọ́ yóò ní láti purọ́ sínú ìwé ara rẹ̀, kó kọ pé oníbàárà ti sanwó nígbà tí kò tíì san. Tó bá di ìparí oṣù tó fẹ́ ka owó rẹ̀, ìwé àti àkáǹtì ò ní bára mu, kò sì ní mọ ibi tí ó ti já.

Kí a tó sọ iye ọjọ́, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó máa ń dí owó lọ́wọ́, torí kì í ṣe ohun kan náà. Tí bánkì bá kọ̀ láti san, ó máa ń fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́. `51` ni pé owó inú àkáǹtì ò tó. `91` ni pé bánkì tó ni káàdì ò dáhùn. `54` ni pé ọjọ́ káàdì ti kọjá. `43` ni pé wọ́n ti jábọ̀ káàdì náà bí èyí tí wọ́n jí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra tó. Tó bá jẹ́ `91`, kí a dúró fún wákàtí díẹ̀ ká tún gbìyànjú, ó lè yọ kí oníbàárà tó mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Tó bá jẹ́ `51`, àfi ká dúró de ọjọ́ tí owó ń wọlé fún un. Fún `54`, bí a bá gbìyànjú nígbà ọgọ́rùn-ún, kò ní yọ láé. Káàdì tuntun la máa ní kó fún wa, kíákíá. Ti `43`, ká má tilẹ̀ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. Ilé-ìwé Ìsọ̀kún yẹn, `54` ni tiwọn. Tí mo bá ti kà á ni, ọ̀rọ̀ ṣókí kan lórí Wásáàpù ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn ì bá ti parí rẹ̀.

Ohun kan wà níbí tí àwọn tó ń gba owó oṣooṣù gba ọ̀dọ̀ Paystack, ilé-iṣẹ́ tó ń bá oníṣòwò gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kì í sábà fiyè sí. Tí owó oṣù kò bá yọ, Paystack á kọ `attention` sí orúkọ oníbàárà náà. Ìyẹn ni pé ó ṣì wà nínú ètò, àmọ́ wàhálà wà lórí káàdì rẹ̀. Ọjọ́ tí owó oṣù tó tẹ̀ lé e bá pé ni yóò tún gbìyànjú lórí káàdì náà. Ìyẹn lè jẹ́ odidi oṣù kan. Torí náà, ẹni tó bá rò pé ẹ̀rọ á máa bá òun tọrọ owó lójoojúmọ́ láàárín ọjọ́ ìyọ̀ǹda ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ẹni tó ń ta iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò ṣètò àtúngbìyànjú, tàbí kó fi líǹkì ìsanwó ránṣẹ́ sí oníbàárà. Wọ́n tún máa ń fi ìsọfúnni `invoice.create` ránṣẹ́ sí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ètò ẹni ti ń ṣiṣẹ́, ní ọjọ́ mẹ́ta kí owó tó pé. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ ká kọ́kọ́ bá oníbàárà sọ̀rọ̀, nígbà tí kò tíì jẹ gbèsè kankan.

Ọjọ́ mélòó ló wá tó? Kò sí òfin kan tó dé gbogbo ayé. Apple jẹ́ kí ẹni tó ń ta iṣẹ́ lórí App Store mú ọjọ́ 3, 16 tàbí 28, àwọn fúnra wọn á sì máa gbìyànjú àtigba owó náà fún ọjọ́ 60. Google Play pín tiwọn sí ìpele méjì tó wù mí gan-an: nínú ìpele kìíní oníbàárà ń lo iṣẹ́ lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, nínú ìpele kejì iṣẹ́ ti dúró, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ò kúrò nínú ìwé, tó bá sì sanwó, yóò bá gbogbo nǹkan rẹ̀ níbi tó fi wọ́n sí. Ọjọ́ méje ni mo mú fún iṣẹ́ oṣooṣù tèmi. Ìdí rẹ̀ ni pé ọjọ́ méje máa ń ní òpin ọ̀sẹ̀ kan àti ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún nínú. Ẹni tó ní láti lọ sí bánkì gba káàdì tuntun á ráyè lọ, ẹni tó ń dúró de owó ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn òbí á sì rí ọ̀sẹ̀ kan fi kún un. Fún iṣẹ́ tí à ń sanwó rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ọjọ́ méje ti pọ̀ jù. Ìlọ́po méjì ohun tó sanwó fún la fún un yẹn. Ọjọ́ kan tàbí méjì ti tó.

Ohun tó yẹ ká ronú sí ju iye ọjọ́ lọ ni ohun tí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ń ná ẹni tó ń ta iṣẹ́. Kí tíṣà kan wọlé kó kọ máàkì ogójì ọmọ, kò ná mi ní kọ́bọ̀ kan lé lórí èyí tí mo ti ń san fún sáfà. Ṣùgbọ́n ètò kan náà ló ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù àwọn òbí, ẹyọ àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù sì ń gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ilé-ìwé tó ní ọmọ ọ̀ọ́dúnrún lè fi èsì ránṣẹ́ sí òbí ọ̀ọ́dúnrún láàárín ìṣẹ́jú kan. Tí wọn ò bá wá san owó oṣù náà mọ́, èmi ni mo ra àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn fún wọn. Nítorí náà, mo ya méjèèjì sọ́tọ̀: nínú ọjọ́ ìyọ̀ǹda, gbogbo iṣẹ́ ń lọ, àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ló dúró. Ẹni tó ń ta Wáífáì fún ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ wà nínú irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an, torí dátà tí wọ́n bá fà ti lọ nìyẹn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fún wọn ní dátà díẹ̀ tí wọ́n lè fi ka ọ̀rọ̀ Wásáàpù kí wọ́n sì fi sanwó, kó má fún wọn ní èyí tí wọ́n máa fi wo bọ́ọ̀lù.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ilé-ìwé yẹn ṣe ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ká ní owó wọn pé ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta. Ní ọjọ́ 2, wọ́n gba ìránnilétí. Ní ọjọ́ 5, káàdì kọ̀. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ọ̀rọ̀ yìí lọ sórí fóònù wọn: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Owó oṣù yìí, ₦12,000, kò yọ torí ọjọ́ káàdì yín ti kọjá. Iṣẹ́ yín ń lọ bó ṣe wà títí di aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ 12, àyàfi àtẹ̀jíṣẹ́ sí àwọn òbí. Lẹ́yìn náà ẹ ó ṣì máa rí gbogbo máàkì, ẹ ó sì lè tẹ̀ ẹ́ jáde, àmọ́ ẹ ò ní lè kọ tuntun." Ọ̀rọ̀ náà tún lọ ní ọjọ́ 8 àti ọjọ́ 11. Ẹ ṣàkíyèsí pé ó sọ ìdí, ó sọ ọjọ́ àti aago, ó sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ gan-an. Ọ̀rọ̀ tó bá kàn ní "ẹ jọ̀ọ́ ẹ sanwó yín", ẹni tó gbà á ò mọ̀ bóyá òní ni ilẹ̀kùn máa tì tàbí ọdún tó ń bọ̀.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni mo mú, mi ò mú òru mọ́, torí mo fẹ́ kí èèyàn wà lórí fóònù nígbà tí ilẹ̀kùn bá tì. Bí ọjọ́ náà bá sì bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, òpin ọ̀sẹ̀ tàbí ọjọ́ ọdún, ó máa sún sí ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e.

Láti ọjọ́ 12 títí di ọjọ́ 26, wọ́n lè kà á, wọn ò lè kọ. Mo dúró gbọn-in lórí ìpele yìí. Máàkì yẹn kì í ṣe tèmi. Àwọn tíṣà ló kọ ọ́, àwọn ọmọ ló sì ni ín. Ohun tí mo ń tà ni ìrọ̀rùn tí wọ́n fi ń kọ ọ́. Mo lè dá ìrọ̀rùn dúró, mi ò lè fi ìwé ọlọ́mọ ṣe ìdógò. Lẹ́yìn ọjọ́ 26, ilẹ̀kùn tì pátápátá, àmọ́ mi ò pa nǹkan kan rẹ́. Ìwé wọn á wà ní ìpamọ́ fún ọjọ́ 90 sí i, tí wọ́n bá sì ní kí n kó o fún wọn láàárín ìgbà yẹn, mo máa kó o fún wọn, yálà wọ́n sanwó tàbí wọn ò san.

Ibi tó máa ń rú gbogbo èèyàn lójú nìyí: tí owó bá dé, láti ọjọ́ wo la ó ti kà á? Tí wọ́n bá san án ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta, nínú ọjọ́ ìyọ̀ǹda, ó rọrùn. Iṣẹ́ ò dúró rárá, torí náà owó tó tẹ̀ lé e pé ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìkà tuntun láti ọjọ́ 10. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀, tó sì ń dúró de ọjọ́ keje lóṣooṣù, ọjọ́ 37 ni yóò máa lò fún owó oṣù kan. Bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni yóò sanwó lọ́dún dípò ẹ̀ẹ̀méjìlá. ₦24,000 lọ nìyẹn lórí oníbàárà kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n ká ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ni wọ́n san án. Tí a bá ní kí owó tún pé ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, a ti gba owó ọjọ́ mẹ́jọ tí wọn ò lè kọ nǹkan kan, láti ọjọ́ 12 sí ọjọ́ 20. Ìrẹ́jẹ nìyẹn. Tí a bá sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 20 oṣù kẹta, tí a ní kó pé ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin, ọjọ́ méje tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 12 ti di ọ̀fẹ́. Ohun tó tọ́ ni ká fi ọjọ́ tí ilẹ̀kùn fi tì sún ọjọ́ tó yẹ kí owó pé síwájú: ọjọ́ 5 oṣù kẹrin pẹ̀lú ọjọ́ mẹ́jọ, ó di ọjọ́ 13 oṣù kẹrin. Ẹ lè gba ọ̀nà kejì yẹ̀ ẹ́ wò: ọjọ́ 20 oṣù kẹrin, ẹ yọ ọjọ́ ìyọ̀ǹda méje tí wọ́n ti lò, ọjọ́ 13 kan náà ni. Tí ọ̀nà méjèèjì ò bá bára mu, ibì kan ti ṣì.

Ẹni tó fúnra rẹ̀ ní òun ò ṣe mọ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Paystack á kọ `non-renewing` sí i. Ẹ jẹ́ kó lo èyí tó ti sanwó fún títí ọjọ́ rẹ̀ á fi pé, kí ẹ má tì í ní ọjọ́ tó sọ pé òun ń lọ, ẹ má sì fún un ní ọjọ́ ìyọ̀ǹda, torí kò sí owó tí ẹ ń retí.

Ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ bóyá ìlànà yìí ń ṣiṣẹ́ ni pé mo máa ń wo ọjọ́ tí àwọn èèyàn ń sanwó. Tí ọ̀pọ̀ bá ń san ní ọjọ́ kìíní sí ìkẹta ìyọ̀ǹda, ara le. Tí oníbàárà kan náà bá ń dúró de ọjọ́ keje lóṣooṣù, mo máa ń bi í bóyá kí n sún ọjọ́ owó rẹ̀ sí ìgbà tí owó ń wọlé fún un, torí owó wà, ọjọ́ ni kò bá a mu. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni àwọn tí kì í san títí ilẹ̀kùn á fi tì, tí wọ́n á sì san án láàárín wákàtí kan lẹ́yìn náà. Mo kọ́kọ́ rò pé alágídí ni wọ́n. Nígbà tí mo bi ọ̀kan nínú wọn, ìyá tó ni ilé-ìwé kan lẹ́bàá Ọjà Atákúnmọ́sà, ó ní, "Ọmọ mi, mi ò rí ìránnilétí kankan o." Òótọ́ ló sọ. Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé mi jẹ́ ti akọ̀wé owó tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ọjọ́ méje tí mo fún màmá yẹn, òun ò gbọ́ nípa ọ̀kan nínú wọn. Báyìí, nọ́ńbà méjì ni mo ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà kọ̀ọ̀kan, ti ẹni tó ń sanwó àti ti ẹni tó ni iṣẹ́. Tí kò bá sí èsì lórí ọ̀kankan títí ó fi ku ọjọ́ kan kí ilẹ̀kùn tì, mo máa ń pe wọ́n lórí fóònù.

Ó ku ṣíṣí ilẹ̀kùn padà. Bí ìsọfúnni `charge.success` bá ti wọlé, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ṣí i lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ aago méjì òru, kó má dúró de kí èmi jí. Ẹni tó ti sanwó tí ilẹ̀kùn ṣì tì mọ́ ọn lójú, èmi ni mo jẹ ẹ́ ní gbèsè báyìí, kò sì ní bọ́tìnnì kankan tó lè fi ti tèmi.